Káàdì mẹ́ta kí n tó lọ rí ẹni tí wọ́n bá mi wá

Oṣù mẹ́jọ gbáko ni mo fi bá ọkùnrin kan rìn nítorí àwòrán ènìyàn méjì tí wọ́n na ife síra wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn le létí, ṣùgbọ́n bí ó ti rí gan-an nìyẹn, n kò sì ní bo ara mi lójú nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Mo mọ ju ẹnì kan lọ láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó máa ń fa káàdì táró, àwọn káàdì alàwòrán tí wọ́n fi ń wo ohun tó pamọ́, kí ó tó lọ pàdé ẹni tí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ bá a wá, tí kò sì ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́. Àwọn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò bá gbà á láyè, n kò bá a jiyàn rárá, kí ó ṣe bí ó ti yẹ ẹ́.

Mo ti pé ọmọ ọdún 34 nígbà tí Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi obìnrin, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alárinà lórí mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo sì máa ń ṣiṣẹ́ òru lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ibi tí mo ti lè fojú ara mi rí ọkọ kò pọ̀. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fún mi ní páálí káàdì náà lọ́jọ́ ìbí mi. Nígbà tí ìyá mi rí i lórí tábìlì nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ó rò pé wọ́ọ̀tì ni, ó sì béèrè bóyá mo ṣì rántí bí àwa àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń ta á lálẹ́ nígbà tí iná bá lọ. N kò sọ fún un pé wọ́ọ̀tì kọ́.

Lóòótọ́, kò jìnnà síbẹ̀ púpọ̀. Eré ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi káàdì táró ṣe ní àríwá Ítálì láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ó di apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún kí àwọn ènìyàn ní Faransé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe ń fi wo ohun tó pamọ́. Ní ti àwòrán tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò lónìí, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ti ṣe é, ní 1909. Obìnrin ayàwòrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pamela Colman Smith ló yà á fún Arthur Edward Waite. Kí ó tó di àkókò yẹn, nínú ọ̀pọ̀ jù lọ páálí káàdì, ohun tí o máa rí lórí Ife Mẹ́rin kò ju ife mẹ́rin lọ. Obìnrin yìí ló fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sábẹ́ igi, tó mú un káwọ́ gbera, tó sì kọ ìtàn sí ojú káàdì. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo fi ọdún kan gbáko gbà pé àṣẹ àtayébáyé ni mo ń kà, nígbà tó jẹ́ pé àwòrán tí ẹnì kan jókòó yà, tí kò tíì tó 120 ọdún, ni mo ń wò.

Káàdì 78 ló wà nínú páálí náà. Èyí tí a ń pè ní káàdì ńlá jẹ́ 22, àwọn bí Òṣùpá, Ikú, Ilé Gogoro tí àrá sán lù. Ìyókù, 56, pín sí ìdílé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti ẹyọ owó. Ife ni wọ́n máa ń kà sí ọ̀rọ̀ ọkàn, idà sí èrò àti ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹyọ owó sí ilé, ara àti owó, ọ̀pá sí ìtara. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wé Ifá. Nínú Ifá, odù 256 ni ó wà, odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ tí babaláwo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sórí, ẹsẹ ló sì ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú ẹni tó dá a. Káàdì táró kò ní ẹsẹ. Àwòrán nìkan ló ní, ẹni tó bá ń wò ó ló máa fi ẹnu sí i, ibẹ̀ gan-an ni ó sì ti gbé mi ṣubú.

Ẹni àkọ́kọ́ tí Àǹtí mú wá jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo jókòó sí kíṣìnì, mo sì fa káàdì mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìwé kékeré inú páálí ṣe sọ: àkọ́kọ́ fún èmi, ìkejì fún òun, ìkẹta fún àwa méjèèjì. Ayaba Ẹyọ Owó jáde fún mi, obìnrin tó gbé ẹyọ owó lé orí itan nínú ọgbà, tí ehoro kan wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin Ife jáde fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin lórí ẹṣin tó ń rìn jẹ́jẹ́, tó di ife mú níwájú bí ẹni tó ń gbé ẹ̀bùn bọ̀, tí ìwé sì sọ pé ó sábà máa ń jẹ́ ẹni tó ń mú ìbéèrè ìgbéyàwó wá. Ìkẹta ni Ife Méjì, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n dojú kọra, tí wọ́n na ife síra wọn. N kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Mo ti ń ronú nípa aṣọ ẹbí.

Ọkùnrin náà pẹ́ ní 40 ìṣẹ́jú. Mo sọ nínú ara mi pé ṣebí ẹṣin rẹ̀ kì í yára. Ó da ojú fóònù rẹ̀ dé lórí tábìlì, nígbà tí ó sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbé e. Mo ní ó bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo béèrè ibi tó ń gbé, ó ní òun ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, kò dárúkọ àdúgbò. Gbogbo nǹkan tí ìyá mi ìbá ti gbá mú lẹ́ẹ̀kan náà ni mo ń wá ibi fún nínú àwòrán mẹ́ta tí mo ti rí. Oṣù kẹjọ ni mo tó mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, tí wọn kò tíì kọ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo sunkún lọ bá Àǹtí, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní ìyá ọkùnrin náà ti sọ fún òun pé ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó ti ń parí. Ó ti mọ̀ kí n tó lọ. N kò bi í ni. Mo ti rò pé mo ti bi káàdì.

Àwọn àgbà kì í mú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Nígbà tí wọ́n bá bá wọn tọrọ ọmọ, wọ́n á rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí nínú ẹbí náà: irú iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ṣé àrùn kan wà nínú ìdílé, ṣé wọ́n máa ń jẹ gbèsè, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyàwó ilé. Alárinà funra rẹ̀ ní ojúṣe nínú rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n máa dá lẹ́bi bí ó bá bàjẹ́. Ní ìlú òyìnbó níbí, ìwádìí ti kúrò nínú rẹ̀, ó ku alárinà nìkan, àti fọ́tò kan tí ó fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù.

Àṣìṣe kejì mi yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, òun ló sì ń dùn mí jù. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ kàwé ní Òṣogbo ló mú ẹni yìí wá, ẹni tó ti mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo fa káàdì mẹ́ta, Idà Mẹ́ta sì jáde sí ipò ìkẹta. Ẹni tó bá ti rí i mọ̀ ọ́n: ọkàn pupa kan lójú ọ̀run, idà mẹ́ta gún un já, òjò ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, mo pò ó, mo tún fà. Lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tó bani lẹ́rù níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́, mo ní Idà Mẹ́ta ni òótọ́, èyí jẹ́ ìtùnú lásán. Mo tún fà lẹ́ẹ̀kẹta, Ilé Gogoro jáde. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó ku wákàtí kan kí a pàdé, mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé ara mi kò yá. Ọkùnrin náà ti wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Bẹ́dífọ́ọ̀dù. Ọ̀rẹ́ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì tọ́ sí mi. Nígbà tí a padà sọ ọ́, ó ní, "O kò tilẹ̀ jẹ́ kí ó dé, kí o wá fojú ara rẹ rí ohun tí o kò fẹ́."

Nígbà tí ìtìjú náà rọlẹ̀, mo mú pẹ́ńsù, mo ṣe ìṣirò kan tí ó yẹ kí n ti ṣe tipẹ́. Káàdì mẹ́fà ló wà tí mo máa ń bẹ̀rù: Ikú, Ilé Gogoro, Sàtánì, àti Idà Mẹ́ta, Mẹ́sàn-án àti Mẹ́wàá. Bí o bá fa káàdì mẹ́ta láti inú 78, nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bí 22 ni ọ̀kan ó kéré tán nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò jáde. Ìyẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà márùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun. Bí o bá sì kó o jọ tí o tún fà títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí mo ti ṣe, ó di nǹkan bí 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ń tún fà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹ̀rù ni, títí yóò fi rí i. Ọkùnrin tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń fà fún ẹnì kan, ohun tó bá jáde ni mo máa fi ṣiṣẹ́. Mo tún jáwọ́ nínú kíka káàdì tó bá dorí kodò. Ọ̀pọ̀ ń kà á, wọ́n sì ń fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé nígbà tí mo bá ní ìtumọ̀ méjì fún àwòrán kan, èyí tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo máa ń mú. Bí ó bá dorí kodò, mo máa ń yí i padà.

Ohun tí ó yí gbogbo rẹ̀ padà fún mi ni ipò tí mo fi káàdì sí. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo bi ara mi pé nínú "èmi, òun, àwa méjèèjì", èwo ni mo lè yẹ̀ wò kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú? Ti èmi, bẹ́ẹ̀ ni. Ti òun, rárá, n kò tíì rí i rí, káàdì kò sì mọ̀ ọ́n. Ti àwa méjèèjì kò tilẹ̀ tíì sí láyé. Ipò méjì nínú mẹ́ta jẹ́ àyè òfìfo tí mo ń fi ìfẹ́ tàbí ẹ̀rù mi kún. Nítorí náà mo yí wọn padà. Àkọ́kọ́ ni ohun tí èmi ń gbé lọ síbẹ̀. Ìkejì ni ohun tí alárinà fi sínú ọ̀rọ̀ náà. Ìkẹta ni ohun tí ó yẹ kí n béèrè. Ní báyìí, mo lè wo àyà ara mi, mo lè pe alárinà lórí fóònù, mo sì lè bi ẹni náà ní ìbéèrè lójúkojú. Kò sí èyí tó ṣẹ́kù sínú òkùnkùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ipò ìkejì ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n á ní kí ni alárinà ṣe wá gbà odidi káàdì kan. Alárinà kì í wá lọ́wọ́ òfo, òun ni ìdáhùn mi. Ó lè fẹ́ kí ọmọ ọ̀rẹ́ òun rí ìyàwó kí ọ̀rẹ́ náà lè sinmi. Ó lè jẹ gbèsè ojúrere kan. Ó lè fẹ́ràn ìwọ náà dénú, kí ó sì máa bẹ̀rù pé àkókò ń lọ. Gbogbo rẹ̀ ló máa wà nínú bí ó ṣe sọ̀rọ̀ ẹni náà fún ọ, ìwọ á sì gbé e lọ síbẹ̀ bí ẹni pé ìwà ẹni náà ni. Wọ́n ní bí a bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀ba, ṣùgbọ́n kí o tó mojú ọkọ, ojú alárinà ni o fi ń wò ó.

Mo fẹ́ fi èyí tí mo fà ní ìgbà òtútù èṣí hàn yín, nítorí ó jẹ́ kí ọ̀nà náà yé mi ju èyíkéyìí lọ. Àǹtí tún pè mí, ó ní ọ̀gbẹ́ni kan wà, akáúńtáǹtì, ẹni jẹ́jẹ́, ó mọ Ọlọ́run. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni. A máa pàdé ní Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ní ilé kọfí kan tí ènìyàn máa ń pọ̀ sí. Mo kọ ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kí n tó fọwọ́ kan páálí, nítorí tí n kò bá kọ ọ́, mo máa ń yí wọn padà nínú ọkàn mi lẹ́yìn tí mo bá ti rí káàdì. Mo pò ó, mo fa mẹ́ta, mo dà wọ́n dé, mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó ronú nípa ìtumọ̀, mo kọ ohun tí ojú mi rí nìkan.

Àkọ́kọ́: Ife Mẹ́rin. Mo kọ pé, "Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó lábẹ́ igi, ó káwọ́ gbera. Ife mẹ́ta wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọwọ́ kan ń jáde bọ̀ láti inú ìkùukùu, ó na ife kẹrin sí i. Kò wò ó." Ìkejì: Ẹyọ Owó Mẹ́fà. "Ọlọ́rọ̀ kan dúró, ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì já owó sílẹ̀ fún àwọn méjì tó kúnlẹ̀." Ìkẹta: Òṣùpá. "Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba àárín ilé gogoro méjì kọjá lọ. Ajá kan àti ìkookò kan ń hu sókè. Ẹran omi kan ń yọ láti inú adágún."

Ní ti àkọ́kọ́, kò gba agbára. Ó ti rẹ̀ mí. Ìgbà kẹfà nìyẹn tí n ó máa múra lọ rí ẹni tí n kò mọ̀, mo sì ti múra sílẹ̀ láti má wo ohunkóhun tí wọ́n bá na sí mi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí mo bá bá ara mi níbẹ̀ tí mo káwọ́ gbera, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ìkejì ló jẹ́ kí n dìde lórí àga. Nínú káàdì yẹn, ìwé sábà máa ń sọ pé ọ̀làwọ́ ni, ẹni tó ń fún ni. Ṣùgbọ́n ojú mi kò kúrò lára òṣùwọ̀n náà àti àwọn tó kúnlẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, Àǹtí ti yá mi ní 600 pọ́ùn kí n lè san owó ilé, nígbà tí ibi iṣẹ́ mi dín wákàtí mi kù. Kò béèrè rẹ̀ rí. Bẹ́ẹ̀ ni n kò lè sọ "rárá" fún un mọ́ lórí ohunkóhun. Mo jókòó síbẹ̀ mo sì gbà fún ara mi pé kì í ṣe pé mo fẹ́ rí ọ̀gbẹ́ni náà, mo fẹ́ san gbèsè ni. Ṣé káàdì ló mọ̀ nípa 600 pọ́ùn? Ó tì o. Ká ní Ẹyọ Owó Mẹ́jọ ló jáde, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń gbẹ́ ẹyọ owó lórí bẹ́ǹṣì, bóyá ibòmíràn ni ọkàn mi ìbá lọ. Ohun tí ipò ìkejì ṣe ni pé ó mú mi wo Àǹtí fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìyẹjú, n kò sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo pè é. Mo kí i, mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe mọ bùrọ̀dá yìí gan-an?" Ó kọ́kọ́ ní irú ìbéèrè wo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló wá tú u sílẹ̀ pé ọkọ òun ló bá a wá iṣẹ́ tó ń ṣe, pé àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ń dà wọ́n láàmú pé kí wọ́n bá a wá ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, nítorí ọ̀rọ̀ fisà. Ó sọ ìyẹn bí ẹni tó ń sọ iye tí ata jẹ́ lọ́jà.

Ìkẹta wá rọrùn láti kà lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí bí mo ṣe kà á. Òṣùpá ni ọ̀pọ̀ máa ń kà sí ẹ̀tàn, ẹni tó bá sì kà á sí ipò "òun" máa sọ pé òpùrọ́ ni ọkùnrin náà. Ipò ìbéèrè ni mo fi í sí, nítorí náà mo ní láti sọ ọ́ di ohun tí ẹnu lè béèrè tí ẹnu sì lè dáhùn. Mo kọ méjì: "Kí ni kò tíì hàn kedere nínú ìwé ìgbélùú rẹ?" àti "Ṣé a lè tún rí ara wa ní ọ̀sán?" Ìkejì yẹn dàbí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n òṣùpá kì í fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ajá àti ìkookò hàn dáadáa, mo sì pinnu pé ohunkóhun tí ó bá sọ, n kò ní dáhùn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo kó káàdì sínú páálí, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ nílé.

Ó dé ní aago márùn-ún kú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo káwọ́ gbera lóòótọ́, mo rí i, mo sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti mu kọfí dé ìdajì, mo sọ fún un pé gbèsè ló gbé mi wá, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní òun náà, pé ẹnu òun kò gbà á láti sọ fún ọkọ Àǹtí mi pé òun kò ní wá. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé nọ́ọ̀sì ni mí. N kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun náà kì í ṣe akáúńtáǹtì, ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Mo bi í nípa ìwé rẹ̀, ó sọ fún mi láìfi ohunkóhun pamọ́ pé oṣù mẹ́rin ló kù lórí fisà òun, pé òun kò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣe àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n pé ilé kò jẹ́ kí òun sinmi. A tún pàdé ní ọ̀sán Sátidé nínú pápá ìtura kan, a rìn, a sọ̀rọ̀. Kò di ìgbéyàwó. Ọ̀rẹ́ ni wá títí di òní.

Mo ń tọ́jú ìwé kan tí mo fi ìlà pín sí méjì, apá kan fún ohun tí mo kọ kí n tó lọ, apá kejì fún ohun tí mo rí níbẹ̀, èyí tí mo máa ń kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà kí n tó tún ojú wo apá àkọ́kọ́. Ìwé yìí ló fi hàn mí pé bí mo bá kọ "ó ní ohun kan tí kò tíì sọ", gbogbo ìgbà ló máa ń ṣẹ, nítorí ta ni kò ní? Ní 1948, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní àlàyé ìwà wọn lẹ́yìn ìdánwò kan, ó sì ní kí wọ́n fún un ní máàkì lórí bí ó ṣe bá wọn mu tó. Ìpíndọ́gba rẹ̀ lé ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Àlàyé kan náà ni ó fún gbogbo wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ìyẹn, gbólóhùn tó bá lè bá ẹni mẹ́wàá mu lọ́nà kan náà, mo máa ń fagi lé e. "Ó ń fi ohun kan pamọ́" kò wúlò. "Béèrè oṣù tí fisà rẹ̀ máa tán" wúlò, nítorí ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ènìyàn.

Mo san 600 pọ́ùn náà padà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, igba pọ́ùn lóṣooṣù. Ní alẹ́ ọjọ́ tí mo fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́, Àǹtí pè mí, ó dúpẹ́, ó súre, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnì kan tún wà o, ní Mánṣẹ́sítà." Páálí káàdì wà lórí tábìlì níwájú mi. Mo fà á sápá kan, mo mú pẹ́ńsù, mo ní, "Àǹtí, ta ni wọ́n jẹ́ sí yín?"